Ìpàdé Tí Èmi Nìkan Wà Níbẹ̀

Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2025, mo pe ìpàdé. Ìsinmi Ìtúnu Ààwẹ̀ ni, ilé ẹ̀kọ́ wà ní títì, àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Mùsùlùmí ti gbé ìrẹsì ẹlẹ́ran wá, mo sì ti rí i dájú pé kò ṣẹ́ kù. Mo gbé tábìlì kékeré sínú yàrá, mo to ìwé àti bírò lé e, mo wọ bùbá, mo dé fìlà. Ìyàwó mi yọjú, ó rí àga kan ṣoṣo nídìí tábìlì.

"Bàbá Ṣadé, àlejò wo là ń retí?"

Mo ní kò sí àlejò, ìpàdé ni.

"Ẹ̀yin àti ta ni?"

"Èmi àti ara mi."

Ó tún wo fìlà orí mi. Ó ní, "Kí ẹ̀yin méjèèjì má jà o," ó sì padà sí ìsọ̀ rẹ̀.

Irú ìpàdé yìí kì í ṣe àṣà ilé wa. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìṣòwò ló fi hàn mí. Ó ní ẹni tó bá ní ohun tó ń lépa gbọ́dọ̀ máa sàmì lójoojúmọ́ bóyá òun ṣe é tàbí òun ò ṣe é. Tí oṣù mẹ́ta bá pé, kó ro gbogbo àmì náà pọ̀, kó wo ohun tí wọ́n ń wí, kó wá bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni kí n jáwọ́ nínú rẹ̀? Kí ni kí n bẹ̀rẹ̀? Kí ni kí n máa bá lọ? Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní ìṣirò nílùú Ìbàdàn fún ọdún mẹ́rìnlá, mo ní ta ló tún kù tó fẹ́ kọ́ mi ní ìṣirò?

Láti ọjọ́ kìíní ọdún ni mo ti ṣe àtẹ kan sórí fóònù mi nínú Google Sheets. Ọjọ́ wà ní kọ́lọ́ọ̀mù A. B ni ìrìn: kí n fẹsẹ̀ rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí dókítà bá mi sọ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru. C ni ìwé kíkà, ojú ewé mẹ́wàá lálaalẹ́. Mo pe D ní "oúnjẹ alẹ́", torí mo ti pinnu pé tí aago mẹ́jọ bá ti lù, ẹnu mi di títì. E ni àjọ, ẹgbẹ̀rún kan náírà lójúmọ́ fún Bàbá Alájọ tó máa ń yí àdúgbò wa ká ní Mọlété. 1 ni bẹ́ẹ̀ ni, 0 ni rárá. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè ṣe é.

Mo ṣe é fún ọjọ́ 45. Ọjọ́ 14 oṣù Kejì ni mo sàmì kẹ́yìn. Kò sí ìjà, kò sí àìsàn. Mo kàn sùn lọ láìsàmì ni. Lọ́jọ́ kejì mo ní màá ṣe méjèèjì pọ̀, lọ́jọ́ kẹta ojú ti ń tì mí láti ṣí àtẹ náà, bó ṣe di òfìfo títí oṣù Kẹta fi parí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo kì í ba nǹkan jẹ́. Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tẹ̀lé ènìyàn 96 tí wọ́n ń kọ́ àṣà tuntun, iṣẹ́ wọn sì jáde ní 2010. Wọ́n rí i pé ẹni tó bá fo ẹ̀ẹ̀kan kò pàdánù ohun tó tó nǹkan. Ìtìjú ọjọ́ kẹta ló ba tèmi jẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí mo jókòó sí ìpàdé mi pẹ̀lú fìlà, ìdajì àtẹ náà ló ní àmì, ìdajì kejì funfun báláú. Ohun tí mo ṣe nìyí, ẹ má sì sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi: mo bẹ̀rẹ̀ sí rántí. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, mo rántí ọjọ́ 45 tán pátápátá. Òpìtàn ààfin kò lè rántí tó bẹ́ẹ̀. Nínú ọjọ́ 45 náà, mo rántí pé mo rìn ní 37. Mo fi ọjọ́ mẹ́jọ yòókù sí 0 kó lè jọ òótọ́. Mo rántí pé ní alẹ́ 38, mo pa ẹnu mọ́. Ti àjọ, mo san án ní gbogbo ọjọ́ 45 láìfo ìkankan.

Mo wá tẹ ohun tí mo rò pé ó jẹ́ ìṣirò:

```
=SUM(B2:B91)/90
```

Ìrìn 58 nínú ọjọ́ 90 jẹ́ 64 nínú 100, C4 lọ́wọ́ àwọn WAEC. Inú mi kò dùn. Ẹni tó ti fi ogún ìṣẹ́jú gbáko purọ́, ó yẹ kó gbà ju C4 lọ. Mo tún un tẹ̀, C4 náà ni. Ó pẹ́ kí n tó rí ibi tí ẹsẹ̀ mi ti yọ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀ ni mo sọ pé màá rìn, mi ò sọ pé lójoojúmọ́. Ọjọ́ 90 tí a bá pín in sí méje, tí a wá fi márùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ 64. Ìyẹn ni iye ìrìn tó yẹ kí n fi pín 58, kì í ṣe 90. Irọ́ mi tó A1, ìdá 91, èmi ni mo fi ìṣirò burúkú já a sí C4. Ọmọ SS2 tó bá ṣe irú èyí, bírò pupa ni màá fi kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ pé: "Kí lo fi pín in?"

Ṣùgbọ́n kí n tó rí ìyẹn, kọ́lọ́ọ̀mù D ti mú inú mi dùn. 68 nínú 90, A1 tààrà. Mo ké sí ìyàwó mi láti inú yàrá.

"Ìyá Ṣadé, mo gba A1!"

"Nínú kí ni?"

"Nínú àìjẹun lálẹ́."

Mo gbọ́ tí ohun kan já lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọlé, ó di ilẹ̀kùn mú. Ó ní, "Ẹ̀yin? Ta ló wá fi ọwọ́ nu ìkòkò ọbẹ̀ lánàá nígbà tí aago mẹ́wàá ti lù?"

Mo wo àtẹ náà dáadáa, àwọ̀ ojú mi sì yí padà. Orúkọ tí mo fún kọ́lọ́ọ̀mù náà ló fa wàhálà. "Oúnjẹ alẹ́", bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni sí kí ni? Ní oṣù Kìíní, tí mo bá jẹun lẹ́yìn aago mẹ́jọ, mo kọ 1, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni, mo jẹun. Nígbà tí mo ń rántí ní oṣù Kẹta, mo kọ 1 fún alẹ́ tí mo pa ẹnu mọ́, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣẹ́gun. Kọ́lọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ń sọ èdè méjì. Alẹ́ 30 tí mo jẹ àjẹkì wà nínú ọjọ́ 45 àkọ́kọ́, mo fi irọ́ 38 kún un, gbogbo rẹ̀ di 68. Ẹ̀ṣẹ̀ àti irọ́ ló para pọ̀ di A1. Orí ló yọ mí pé ìyàwó mi béèrè, torí mo ti kọ D sábẹ́ "máa bá a lọ".

Benjamin Franklin, ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ atẹ̀wé àti olóṣèlú, gbọ́n jù mí lọ ní tirẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ pé òun to ìwà rere 13 sínú ìwé pélébé kan. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló fi ń dojú kọ ọ̀kan nínú wọn, tí ọ̀sẹ̀ 13 bá pé, á tún bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tiwa yìí náà nìyẹn. Ibi tó ti ṣẹ̀ nìkan ló máa ń fi àmì dúdú sí, bí ojú ewé bá ti mọ́ sí ni ènìyàn ṣe dára tó. Àmì kan, ìtumọ̀ kan. Wàhálà tirẹ̀ ni pé ó máa ń ha àmì àtijọ́ kúrò kó lè tún ojú ewé náà lò, títí ìwé fi lu jára, tó wá lọ lo ìwé tí a fi eyín erin ṣe. Ìwé tirẹ̀ lu nítorí ó ń pa ẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Tèmi kò lu, torí orí fóònù ni. Mo yí orúkọ D padà lójú ẹsẹ̀: "Mo pa ẹnu mọ́ lẹ́yìn aago mẹ́jọ". Ẹni tó bá kọ 1 síbẹ̀ kò tún lè ṣi ọ̀nà mọ́.

Ìyàwó mi kò tíì lọ. Ó ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó na ọwọ́. "Ẹ jẹ́ n wo ti àjọ."

Mo fi hàn án tayọ̀tayọ̀: 45 nínú 45. Kò sọ nǹkan kan. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú káàdì àjọ mi jáde. Ẹ mọ káàdì náà, páálí pélébé tó ní ihò 31, tí owó ọjọ́ kìíní jẹ́ ti alájọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á láti ọjọ́ 15 oṣù Kejì. Àmì tí Bàbá Alájọ fi bírò rẹ̀ fà jẹ́ 29.

"Mẹ́rìndínlógún kò sí níbí," ó ní. "Ẹ sì sàmì sí ọjọ́ Àìkú méje. Bàbá Alájọ kì í jáde lọ́jọ́ Àìkú. Ta lẹ fún lówó?"

Mo ní bóyá mo fi sínú àpótí ọrẹ.

Ó tún wo ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 6 oṣù Kẹta. Káàdì ṣófo níbẹ̀, nítorí ibà ló dá mi dùbúlẹ̀, tí mi ò lè dé ẹnu ọ̀nà. Nínú àtẹ tèmi, mo rìn ní gbogbo ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo sì tún pa ẹnu mọ́ lálẹ́ tí a ṣe òkú ìyá ọ̀rẹ́ mi ní Òṣogbo, bẹ́ẹ̀ fọ́tò wà níbi tí mo ti wọ aṣọ ẹbí, tí mo gbé àmàlà dání, tí aago ògiri ẹ̀yìn mi ń sọ mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ohun tó dùn mí ni pé àjọ nìkan ni ẹlòmíràn ń sàmì sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí mo bá lè purọ́ 16 nínú 45 níbi tí ẹlẹ́rìí wà, mélòó ni mo pa níbi tí kò ti sí? Ẹ wo bí Bàbá Alájọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó gba owó, ó sàmì, níbẹ̀ náà. Ẹ̀ ń sọ fún un pé ẹ máa mú un wá lọ́la, kò ní fà á sílẹ̀ dè yín. Ihò tó ṣófo, ó ṣófo nìyẹn, kò ní jókòó lópin oṣù kó máa rántí. Gbogbo ohun tí mo lọ kọ́ lọ́wọ́ olùkọ́ ìṣòwò, ó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ ilé wa.

Mo pa àmì ọjọ́ 45 tí mo hùmọ̀ rẹ́, mo fi àyè wọn sílẹ̀ lófìfo. Ìrìn gidi tó ṣẹ́ kù jẹ́ 21. Ọjọ́ 45 tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ yẹ kó ní ìrìn 32, nítorí náà mo gba ìdá 66. Ṣùgbọ́n ọjọ́ òfìfo kì í ṣe aláìṣẹ̀. Ọjọ́ tí ènìyàn kò ṣe nǹkan ló sábà máa ń gbàgbé láti sàmì. Tí mo bá ka gbogbo òfìfo náà sí àìṣe, 21 nínú 64 ni, ìdá 33. Láti 33 dé 66, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun gba F9 tàbí B3 kò tíì mọ nǹkan kan nípa ara rẹ̀, kò sì yẹ kó máa ṣe ìpinnu.

Mo ṣe ìpinnu. Ìpàdé kì í tú láìsí ìpinnu, mo sì ti dé fìlà.

Ìwé kíkà ló kọ́kọ́ bí mi nínú: alẹ́ 15 péré nínú 45. Mo ní àkókò ni kò sí. Ta ló ń jẹ àkókò mi? Ayò! Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, tí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, mo máa ń lọ sábẹ́ igi máńgòrò kan ní Òkè Àdó, níbi tí àwọn àgbà kan ti ń ta ayò. Ọpọ́n oníhò 12, ọmọ ayò 48, mo máa ń lò tó wákàtí mẹ́ta nídìí rẹ̀, òpè ni mo sì sábà máa ń jẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun gan-an ni wọ́n máa ń ṣẹ́gun mi jù. Mo fi bírò pupa kọ ọ́ gàdàgbà: JÁWỌ́ NÍNÚ AYÒ. Sábẹ́ "bẹ̀rẹ̀", mo kọ nǹkan 11, nínú èyí tí èdè Faransé wà, àti jíjí ní aago mẹ́rin ààbọ̀, omi ife mẹ́jọ, gìtá, oko ẹ̀fọ́ lẹ́yìn ilé, àti pípe ìyá mi lójoojúmọ́. Sábẹ́ "máa bá a lọ", ọ̀rọ̀ méjì ni mo kọ: "Gbogbo ìyókù". Mo ká fìlà, ìpàdé tú.

Ti nǹkan 11 yẹn kò gbọdọ̀ gba àkókò wa. Àwọn ènìyàn Lally ní Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan kan péré lẹ́nì kọ̀ọ̀kan wọn mú, síbẹ̀ ìdajì wọn lo tó ọjọ́ 66 kó tó mọ́ wọn lára débi tí wọn ò ní í ronú sí i mọ́. Ẹni tó yá jù lo 18, ẹni tó pẹ́ jù, wọ́n ṣírò rẹ̀ sí 254. Èmi mú mọ́kànlá lálẹ́ ọjọ́ kan. Kí ọdún Àjíǹde tó dé ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin, ó ti ku méjì: omi, àti ìyá mi, tó ti bẹ̀rẹ̀ sí bi mí léèrè bóyá iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Àwọn aláyò náà kò fọ̀rọ̀ mi ṣeré. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n rán ọmọ kan wá wò bóyá mo ti kú. Ọmọ náà padà lọ jíṣẹ́ pé Tíṣà kò kú, wọ́n ń ṣèpàdé.

Láti oṣù Kẹrin, mo ṣe bí alájọ. Mo tẹ àtẹ náà sórí páálí, mo fi okùn so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mi wà, mo so bírò mọ́ ọn. Alẹ́ ni mo ń sàmì, kí n tó sùn. Tí ilẹ̀ bá mọ́ tí àyè ọjọ́ kan ṣì ṣófo, ó ti ṣófo títí ayé nìyẹn. Ìyàwó mi ló ń ṣọ́ ìyẹn. Nígbà tí ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà pé, nínú ọjọ́ 91, mo ní àmì fún 84, méje péré ló ṣófo. Lákọ̀ọ́kọ́ láyé mi, mo ní àkọsílẹ̀ tó ṣeé fọkàn tán.

Àkọsílẹ̀ náà sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ni mo rìn.

Ọjọ́ 84 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 12, ìrìn 60 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ìdá 23, F9 tí kò ṣeé bẹ̀bẹ̀ fún. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò dé fìlà, mo sì ti gba ìyàwó mi wọ ìpàdé gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Mo ní òjò ni. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni mo rìn márùn-ún àti mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ yòókù ni mo rìn márùn-ún péré lápapọ̀, ṣé òjò kan kì í dá ni? Mo ní bóyá bàtà ni. Ó ní bàtà wà níbẹ̀ yẹn, kò rin ibì kankan. Mo ní ó kéré tán, ìwé kíkà á ti lọ sókè nígbà tí mo ti pa ayò tì. A wò ó: alẹ́ 27 nínú 84, ìdá 32. Nígbà tí mo ń ta ayò, 33 ni. Mo jáwọ́ nínú ayò fún odindi oṣù mẹ́ta, mo sì fi ìdá kan lọ sẹ́yìn nínú ìwé kíkà. Fóònù ni mo ń tẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ náà.

Ìyàwó mi gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ṣadé, nígbà tí ẹ ń lọ sídìí ayò, kí lẹ máa ń wọ̀ lọ?"

Mo dákẹ́.

Mi ò wọ nǹkan kan. Láti ìgbà tí owó ọkọ̀ ti fò sókè lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, mo ti búra pé mi ò ní í sanwó ọkọ̀ torí pé mo fẹ́ lọ jẹ òpè. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ, ẹsẹ̀ ni mo fi ń bọ̀, ogún ìṣẹ́jú ní àlọ, ogún ìṣẹ́jú ní àbọ̀. Mo padà sínú àtẹ oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, sí ọjọ́ 45 tó jẹ́ òótọ́, mo ní kó ya ìrìn ọjọ́ Ìṣẹ́gun sọ́tọ̀ fún mi:

```
=SUMPRODUCT((WEEKDAY(A2:A46)=3)*(B2:B46=1))
```

3 ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun níbẹ̀, nítorí ọjọ́ Àìkú ni ẹ̀rọ náà fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀. Mo fi 5 rọ́pò rẹ̀ fún Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ tó wà nínú ọjọ́ 45 náà jẹ́ 13, mo rìn ní 12 nínú wọn. Ọjọ́ 32 yòókù, ìrìn mẹ́sàn-án péré. Ayò ló ń rìn, kì í ṣe èmi. Mo fi bírò pupa gé ẹsẹ̀ ara mi, mo wá ń bi òjò léèrè.

Ìwọ̀nba ìlà tí mo fi kún ìpàdé náà láti ìgbà yẹn kò ju ẹyọ kan lọ. Kí n tó kọ ohunkóhun sábẹ́ "jáwọ́", mo máa ń kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí ohun rere mìíràn ń ṣẹlẹ̀, mo sì ń béèrè pé kí ló so mọ́ ohun tí mo fẹ́ gé. Tí mi ò bá rí i kà, mo máa ń dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, kí n wo àwọn kọ́lọ́ọ̀mù yòókù bóyá ọ̀kan nínú wọn á ṣubú. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti mọ bóyá àṣà tuntun ti mọ́ mi lára, ṣùgbọ́n ó tó láti rí ohun tó já bọ́. Ibi tí mo kọ "gbogbo ìyókù" sí tẹ́lẹ̀ ló wá ń gba àkókò jù lọ lọ́wọ́ mi báyìí, nítorí ohun tó ń lọ déédéé kì í pariwo, ẹni tí kò bá dárúkọ rẹ̀ á gé e dànù.

Lọ́jọ́ 1 oṣù Keje, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo padà sábẹ́ igi máńgòrò. Àgbàlagbà tí a ń pè ní Bàbá Ọ̀ta kò gbé ojú sókè kúrò lórí ọpọ́n. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ìpàdé ti parí?" Mo ní ó parí, sà. Ó ní, "Jókòó. A ti ń wá òpè láti oṣù Kẹrin."

Ìpàdé oṣù Kẹsàn-án ti wáyé. Ọjọ́ 88 ló ní àmì nínú 92, ìrìn 44 nínú 63 tó yẹ. Tí a bá ka òfìfo mẹ́rin náà sí àìṣe, ìdá 67 ni. Bí a bá sì fi wọ́n sílẹ̀, ó jẹ́ 69 àti díẹ̀. Mo ní kí a sọ ọ́ di 70 kí n lè gba B2. Akọ̀wé kọ̀, ó kọ B3 sílẹ̀. Ní ti ayò, mo lọ nígbà 24, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jẹ ọ̀ta. Mi ò ní kọ́lọ́ọ̀mù fún ìyẹn.